Èsì wa sí oníbàárà tó yọ̀ǹda àga rẹ̀ ní géètì ní Lọ́ńdọ̀nù

“Tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó ni mo rà lọ́wọ́ yín. Nígbà tí mo dé géètì, wọ́n ní èrò ti pọ̀ ju àga lọ, ta ló lè dúró? Mo ní èmi. Fáúṣà £300 ni wọ́n fún mi, owó ara mi ni mo fi sun òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó kọ̀ tí wọ́n fi tipátipá dá dúró gba £520. Irú tíkẹ́ẹ̀tì wo lẹ tà fún mi?”

Ẹ kú ìrìn mà, ẹ sì kú ìnáwó àìròtẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe tíkẹ́ẹ̀tì yín. HK, àmì pé àga ti dájú, ló wà lójú ẹ̀rọ wa, àga yín ti dúró nìyẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ bàálù ló máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ju iye àga lọ, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn kan kì í yọjú. Òfin ò kà á léèwọ̀. Lọ́jọ́ tí gbogbo èrò bá yọjú, géètì ni wàhálà ti ń bẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ £520 yẹn ló dùn mí jù. UK261, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbèjà èrò bàálù, ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹni tó máa yọ̀ǹda àga rẹ̀ tinútinú. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè gba owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà tàbí kó wọ bàálù mìíràn, àmọ́ ohun tó bá dúnàádúrà lé lórí nìkan ni wọ́n máa fi kún un. Ẹni tí wọ́n bá dá dúró láìfẹ́ ni òfin ya £520 sọ́tọ̀ fún, torí Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó ju 3,500 kìlómítà lọ. (Wọ́n lè dín in sí £260 bí bàálù tuntun ò bá fi ju wákàtí mẹ́rin pẹ́ dé ju ti àkọ́kọ́ lọ.) Òun náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún ní oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ wò ó báyìí mà. Bí ẹnikẹ́ni ò bá jáde, £520 àti òtẹ́ẹ̀lì ni wọn ì bá san lórí ẹnì kan. Fáúṣà £300 láìsí òtẹ́ẹ̀lì, ọjà ọ̀pọ̀ ni lọ́wọ́ wọn. Owó tí wọ́n kọ́kọ́ pè kì í ṣe jálẹ̀. Bí kò bá sẹ́ni tó dìde, wọ́n sábà máa ń fi kún un. Ẹ lè fi orúkọ sílẹ̀, ẹ ò tíì pàdánù àga yín. Ó di ìgbà tí géètì bá fẹ́ tì kí wọ́n tó mọ̀ bóyá wọ́n nílò yín, wọ́n sì lè ní kẹ́ ẹ wọlé padà. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan ni kẹ́ ẹ bèèrè: bàálù wo ló kàn, ṣé àga mi ti dájú níbẹ̀ àbí màá tún dúró de àyè? Ta ló ń san òtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ? Ṣé owó ni àbí fáúṣà, ìgbà wo ló sì máa kú? Kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Ó ku ohun kan. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún yín pé ẹ ò lè wọlé kí wọ́n tó gbé fáúṣà yọ, ẹ ò yọ̀ǹda nǹkan kan nìyẹn, £520 sì lè tọ́ sí yín. Ẹ ya fọ́tò ìwé tí wọ́n fún yín, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wa lórí Wọ́ọ̀sáàpù ká lè jọ kọ̀wé sí wọn. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́fà ni kóòtù fún èèyàn láti béèrè owó yìí.