Owó kọ́ lo kọ́kọ́ nílò, iṣẹ́ ni
“Ẹni tí kò bá ní ₦100,000 lọ́wọ́ kò lè ṣe òwò kankan nínú ọgbà yunifásítì, pàápàá ní ọdún ìkẹyìn.”

Ẹni tó fẹ́ ta ọjà nìyẹn kàn. Dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé nínú ọgbà nígbà tí wọ́n bá ń gba pírójẹ́ẹ̀tì, kí o wo ohun tí olùkọ́ ń torí ẹ̀ dá iṣẹ́ padà. Nọ́ńbà ojú ìwé máa ń wà lára wọn: ohun tó wà nínú àtòkọ kò bá inú ìwé mu, nítorí ọwọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Títún un tò ni iṣẹ́ rẹ.

Kọ́kọ́ gba ìlànà ẹ̀ka náà, torí wọn kì í dọ́gba. Nínú Word, fi Heading 1 sí àkọlé orí kọ̀ọ̀kan, kí o wá lo Table of Contents. Ibi tó sábà máa ń dàrú ni pé àwọn ojú ìwé ìṣáájú ń lo i, ii, iii, Orí Kìíní sì ń bẹ̀rẹ̀ láti 1. Fi Section Break (Next Page) sáàárín wọn, kí o sì yọ Link to Previous. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí o bá tún apá kan ṣe, èkejì á bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, lọ sí Format Page Numbers, yan i, ii, iii fún àwọn ojú ìwé ìṣáájú, kí o sì fi 1 sí Start at fún Orí Kìíní. Parí rẹ̀ pẹ̀lú Update Field, kí o fi PDF ránṣẹ́, kí kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé má baà tú u ká.

Bí o kò bá ní kọ̀ǹpútà, yá ti ọ̀rẹ́ rẹ, kí o fi títo tirẹ̀ san án padà. Bí ₦3,000 bá jẹ́ owó iṣẹ́, gba ₦1,500 kí o tó bẹ̀rẹ̀; owó dátà rẹ á ti jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe bá ẹnikẹ́ni kọ pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ o: ìyẹn lè gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì.