Ta ló sọ fún yín pé ayálégbé tó ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́ ló máa ra tuntun?

Àbúrò mi kan pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò tíì pẹ́ tó di onílé, ayálégbé ẹ̀ àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde, inú ń bí i burúkú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, áyọ́ọ̀nù ti jó kápẹ́ẹ̀tì mi, ọmọ ẹ̀ ti fi bírò kọ gbogbo ògiri, mi ò ní fún un ní kọ́bọ̀ nínú owó kọ́ṣọ̀n yẹn. Ṣebí ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́ ló máa ra tuntun?"

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń bá àwọn èèyàn bójú tó ilé tí wọ́n fi rẹ́ǹtì, kò sígbà tí wọn ò ní sọ ọ́, onílé á sọ ọ́, ejẹ́ǹtì á sọ ọ́, kódà àwọn ayálégbé gan-an á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á sì gbé ẹrù wọn lọ láìgba nǹkan kan. Irọ́ ni. Ẹni tó ba nǹkan jẹ́ máa san iye tó kù lára nǹkan yẹn lọ́jọ́ tó bà á jẹ́, ó parí. Nǹkan tó ti lo ọdún márùn-ún lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn kì í ṣe tuntun, báwo lo ṣe fẹ́ gba tuntun dípò ẹ̀?

Mo ní kó fi lísìtì tó kọ sí ayálégbé yẹn ránṣẹ́ sí mi. Mo máa fi nọ́ńbà ṣàlàyé ẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi orúkọ owó sílẹ̀, owó yòówù tẹ́ ẹ bá ń ná níbi tẹ́ ẹ wà, òun náà ni. Owó kọ́ṣọ̀n tí ayálégbé fi sílẹ̀ jẹ́ 150. Lísìtì àbúrò mi rèé: kápẹ́ẹ̀tì yàrá 80, ọ̀dà yàrá 40, fífọ kíṣìnì 10, kọ́kọ́rọ́ kan tó sọnù 6, "wàhálà" 14. Ẹ ro ó pọ̀. 150 géérégé. Mo ní, "Àbúrò, àbí ìwọ náà ò rí i ni, ilé bàjẹ́ títí, ó wá bàjẹ́ dé iye owó tó wà lọ́wọ́ ẹ, ó dúró síbẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. Nígbàkigbà tí àpapọ̀ ohun tí wọ́n yọ bá bá owó kọ́ṣọ̀n mu láìṣẹ́kù, ẹ lọ wo ìlà tó kẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá nǹkan dí àlàfo. Mo ní kó pa 14 yẹn rẹ́. Wàhálà kí ayálégbé kó jáde wà lára iṣẹ́ onílé, rẹ́ǹtì ló ti san án.

Ó wá ku kápẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Mo bi í pé ìgbà wo ló tẹ́ ẹ. Ó ní ọdún méjì kí ayálégbé yìí tó wọlé. Ayálégbé wá lo ọdún mẹ́ta. Ọdún márùn-ún nìyẹn. Irú kápẹ́ẹ̀tì yẹn, tí kì í ṣe olówó ńlá tí kì í sì í ṣe jákujàku, téèyàn bá ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, a lè fún un ní ọdún mẹ́jọ kó tó di ohun tá a máa ká kúrò nílẹ̀. Ó ti lo márùn-ún nínú mẹ́jọ, ó ku mẹ́ta. Tuntun irú ẹ̀ jẹ́ 80. Pín 80 sí ọ̀nà mẹ́jọ, ọdún kan jẹ́ 10, ọdún mẹ́ta tó kù jẹ́ 30. 30 ni ayálégbé jẹ ẹ́. Áádọ́ta tó kù ńkọ́? Ìwọ àti ayálégbé yìí tó ń san rẹ́ǹtì, ẹ ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tán.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n wá fi owó ara mi ra ìyókù ni?" Bẹ́ẹ̀ ni! Ọdún mẹ́ta sí i, wàá ṣì rà á náà, jóná ò jóná. Tó bá jẹ́ pé ayálégbé ló ra tuntun fún ẹ, o ti jèrè ọdún márùn-ún lọ́rùn ẹni tó jẹ́ pé àpá kan péré ló fi sílẹ̀. Wọ́n tún máa ń sọ pé "ó wà nínú àdéhùn tó sáìn", pé "kò náání ilé mi", mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn, kò sí èyí tó ń sọ kápẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún márùn-ún di tuntun nínú wọn.

Kí n tó gba 30 yẹn pàápàá, mo kọ́kọ́ bi í bóyá ó ní àgékù kápẹ́ẹ̀tì yẹn nílé, torí tó bá wà, wọ́n lè gé ojú iná yẹn kúrò kí wọ́n lẹ òmíràn sí i, owó iṣẹ́ nìkan layálégbé máa san. Kò sí. Àárín yàrá sì ni, ojú áyọ́ọ̀nù hàn gbangba níbẹ̀ tẹnu-ṣóńṣó tẹnu-ṣóńṣó. Ó dáa, 30.

Ògiri ńkọ́? Ọdún kan kí ayálégbé tó wọlé ni wọ́n kun yàrá yẹn, ó sì lo mẹ́ta, ọdún mẹ́rin nìyẹn. Ọ̀dà yàrá, ká fún un ní ọdún márùn-ún, ó ku ọdún kan, ìdá kan nínú márùn-ún. Mo ní kó fi fọ́tò ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́. "Gbogbo ògiri" tó ń pariwo ẹ̀ lórí fóònù, ẹyọ kan ni, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bírò aláwọ̀ búlúù láti ilẹ̀ dé ibi tọ́wọ́ ọmọ lè dé. Àwọn mẹ́ta tó kù, ohun tí mo rí lára wọn ni ihò ìṣó méjì, ibi tí oòrùn ti fọ àwọ̀ ẹ̀, àti ojú férémù níbi tí wọ́n ti gbé fọ́tò kọ́. Ìlò nìyẹn, kì í ṣe ìbàjẹ́. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo: tó bá jẹ́ pé èèyàn jẹ́jẹ́, onímọ̀ọ́tótó, ló gbébẹ̀ fún ọdún mẹ́ta yẹn, ṣé nǹkan yìí ò ní ṣẹlẹ̀? Oòrùn á ṣì fọ ògiri. Kápẹ́ẹ̀tì á ṣì fẹ́lẹ́ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n bírò ò ní dédé kọ ara ẹ̀.

Torí náà, ògiri kan nínú mẹ́rin, 10 nínú 40. Ìdá kan nínú márùn-ún 10, 2. Àbúrò mi ní 2 kẹ̀? Ó ní tí òun bá kun ògiri kan, kò ní bá àwọn yòókù mu. Òótọ́ ni, kò ní bá wọn mu, ṣùgbọ́n kí ló fà á? Torí pé àwọn mẹ́ta yòókù ti ṣá ni, o sì ti ń múra àtikùn wọn lọ́dún tó ń bọ̀. Tìẹ nìyẹn.

Ẹ má wá lọ fi ọdún pín gbogbo nǹkan o. Fífọ kíṣìnì kì í gbó. Tí kíṣìnì bá mọ́ nígbà tó wọlé, tí òróró sì ti gan mọ́ ara sítóòfù nígbà tó jáde, owó ẹni tó fọ̀ ọ́ ló máa san, 10 péré, láìdín. Ṣùgbọ́n bó ṣe bá a ni kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ dé, tí sítóòfù bá ti ń yọ̀ kó tó dé, ẹ gbẹ́nu dákẹ́. Kọ́kọ́rọ́ náà, owó gígé òmíràn, 6.

30, 2, 10, 6. 48. Ayálégbé ń gba 102 padà nínú 150 tí àbúrò mi ti gbé mì.

Èmi náà ti ṣe é rí, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo kọ "àtúnṣe ilé" sórí ìwé kan, ìlà kan péré, mo kọ iye owó síwájú ẹ̀, mo fún ìyá kan tó ń kó jáde. Ó kà á, ó yọ gíláàsì ojú ẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, èwo nínú ilé lẹ tún ṣe?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kálòlò. Ó ní, "Ṣé ẹ ní fọ́tò ọjọ́ tí mo wọlé?" Mi ò ní. Ìwé tá a jọ sáìn lórí bí yàrá ṣe rí lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Kò sí. Gbogbo owó ẹ̀ ni mo dá padà, títí kan ti fèrèsé tí mo mọ̀ dájú pé àwọn ọmọ ẹ̀ ló fọ́ ọ. Owó kọ́ṣọ̀n, owó ayálégbé ni títí wọ́n á fi rí ìdí tó dájú láti yọ níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ yọ ọ́ ló sì máa mú ẹ̀rí wá. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé a jọ rìn yí yàrá kọ̀ọ̀kan po, a ya fọ́tò tó ní déètì, a jọ sáìn. Ọjọ́ tó bá ń jáde, mo máa dúró síbi tí mo dúró sí lọ́jọ́sí kí n tó ya òmíràn, kí ibì kan náà lè hàn nínú méjèèjì.

Ó dáa, ọdún mẹ́jọ kápẹ́ẹ̀tì àti ọdún márùn-ún ọ̀dà yẹn kì í ṣe òfin, ìfojúbù ni, òfin ibi kọ̀ọ̀kan sì ní tiẹ̀. Tó o bá gbà pé mẹ́wàá ni kápẹ́ẹ̀tì ẹ máa lò, kọ mẹ́wàá, kí o sì fi rísíìtì irú kápẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ gbè é lẹ́sẹ̀.

Mo bá àbúrò mi tún lẹ́tà yẹn kọ. Èyí tó jẹ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ báyìí: "Kápẹ́ẹ̀tì yàrá: kò sí àpá kankan lára ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ wọlé (fọ́tò 4), ojú iná áyọ́ọ̀nù wà láàárín ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ jáde (fọ́tò 5). Ó ti lo ọdún 5 nínú 8. Tuntun jẹ́ 80, rísíìtì ń bẹ níbí. Ohun tá a yọ: 30." Kò sí èébú níbẹ̀, kò sí "ẹ ba ilé mi jẹ́". A kọ àwọn mẹ́ta yòókù bẹ́ẹ̀, a kọ 102 sísàlẹ̀, a ní tí ìkankan ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n sọ èyí tó jẹ́ láàárín ọjọ́ méje. Mo sì ní kó san 102 yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà, torí kò sẹ́ni tó ń jiyàn lórí ìyẹn, kí ló fẹ́ fi pa mọ́ ṣe?

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ayálégbé fèsì. Ó ní òun gba ti kápẹ́ẹ̀tì, òun gba ti ògiri, ọmọ òun ni lóòótọ́, òun gba ti kíṣìnì. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni kò gbà, ó ní òun ti fi lé onílé lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí páìpù bẹ́, nígbà tí onílé fẹ́ mú púlọ́ńbà wọlé. Àbúrò mi pè mí, ó ti ń gbaná jẹ pé irọ́ ni. Mo ní kó wo dúrọ́ọ̀ ẹ̀ ná.

Ó san 6 yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ náà.