Ojú Àwo Làwo Fi Ń Gba Ọbẹ̀

Àtẹ̀jíṣẹ́ tí àwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì fi ń wáṣẹ́ ń dùn mí. Ojú àwo làwo fi ń gba ọbẹ̀. Àwo tó bá dojú bolẹ̀, ta ni yóò bu ọbẹ̀ sí i?

Àbúrò mi obìnrin kan ń bá àwọn iléeṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ó fi ọ̀kan hàn mí lórí wásáàpù rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti jáde ilé ìwé. Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé iṣẹ́ wà? Iṣẹ́ yòówù kó jẹ́. Olúwa á bùkún yín mà." Ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n kí ló kọ́ ní yunifásítì? Ìlú wo ló wà? Ṣé ó ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀? Kò sọ ọ̀kankan.

Iléeṣẹ́ ló ń sanwó fún àbúrò mi, iléeṣẹ́ náà ló sì ń sọ irú ẹni tó fẹ́: akáńtáǹtì kékeré, ní Ìbàdàn, tó ti gba ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀. Nígbà náà ni àbúrò mi yóò padà sínú àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ àtijọ́, tí yóò tẹ "akáńtíìnì", tí yóò tẹ "Ìbàdàn". Àdúrà kọ́ ló ń wá níbẹ̀.

Ẹ má sọ fún mi pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ẹni tó mọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ń di odidi nínú rẹ̀. Ẹni tí kò rí ọ rí, ibo ni yóò ti rí ààbọ̀ tó kù?

Ọmọbìnrin kan kọ tirẹ̀ báyìí, lẹ́yìn tó kí i tán: "Akáńtíìnì ni mo kọ́ ní Ìlọrin, mo jáde ní 2023. Mo parí àgùnbánirọ̀ lóṣù tó kọjá. Iléeṣẹ́ oníbúrẹ́dì ni mo ti sìn; èmi ni mo ń fi àkọsílẹ̀ báńkì wé ìwé owó wọn lóṣooṣù. Ìbàdàn ni mo wà, mo lè kó lọ sí Èkó. Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ akáńtáǹtì ni mo ń wá." Kò sí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí àwọn oníyẹ̀fun kan béèrè akáńtáǹtì, òun ni àbúrò mi kọ́kọ́ pè.

Ìwọ tó ń kọ "iṣẹ́ yòówù", ṣé wọ́n á fún ọ ní mọ́tò wà ni? Sọ iṣẹ́ kan, ó pọ̀ jù, méjì tó jọra. Fi orúkọ rẹ àti ohun tó o kọ́ sọ fáìlì rẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi fáìlì tó ń jẹ́ "CV" lásán ránṣẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí èsì, béèrè lẹ́ẹ̀kan, kó o sì dákẹ́. Má pe ẹni tó o kọ̀wé sí láago mẹ́wàá alẹ́! Ẹni tó bá sì ní kó o sanwó fọ́ọ̀mù kóun tó bá ọ wáṣẹ́, má fún un ní kọ́bọ̀, torí iléeṣẹ́ ló yẹ kó san owó iṣẹ́ rẹ̀.