Asẹ́ kékeré ló dí, bọ́ọ̀dù ni wọ́n ní ká lọ rà!

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí láàyè kí n sọ̀rọ̀, torí inú ń bí mi gidi gan. Kí ló dé tó jẹ́ pé kóòdù yòówù kó jáde lójú maṣín ìfọṣọ, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tún un ṣe níbí á kọ́kọ́ sọ ni "Mà, bọ́ọ̀dù ẹ̀ ló ti lọ"? Bọ́ọ̀dù yìí ni ọpọlọ tó ń darí iṣẹ́ maṣín. Omi ò wọlé, bọ́ọ̀dù. Omi ò jáde, bọ́ọ̀dù. Ilẹ̀kùn ò pa dé, bọ́ọ̀dù. Wọ́n á kàn ti gbọ́ pé Ìjẹ̀bú-Òde lẹ wà, wọ́n á ní owó ń bẹ lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú, ẹ jẹ́ ká gba tiwa níbẹ̀. Owó lè wà o, àmọ́ kì í ṣe owó ìsọnù.

Àwọn àlejò tó wá bá wa ṣe Iléyá tí wọ́n tún dúró wo Ojúde Ọba lọ tán, aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì àti táwẹ́ẹ̀lì kún ilẹ̀, mo kó díẹ̀ sí maṣín, mo tẹ̀ ẹ́, ó ń kùn hùnnn, omi kàn ń ro tó tó tó, nígbà tó yá ó dákẹ́, ó fọn pí pí pí, ó kọ kóòdù omi sójú. Mi ò ní dárúkọ maṣín náà torí òun kọ́ ló jẹ̀bi. Oníṣẹ́ dé, kò fa maṣín kúrò lára ògiri, kò wo ẹ̀yìn ẹ̀, kò ṣí táàpù wò, ó kàn tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wo fọ́tò ìdílé, ó ní bọ́ọ̀dù ni, ó sì dárúkọ owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ra àgbò míì. Mo ní ó dáa, ẹ máa lọ, a ó pè yín. Ta ló máa pè é?

Ẹ gbọ́, kóòdù ò mọ ohun tó bàjẹ́. Ohun tí maṣín ń retí tí kò rí ló ń kọ. Tó bá ti ṣí fáàfù, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tó ń jẹ́ kí omi wọlé, ó ní iye ìṣẹ́jú tó máa fi dúró kí omi inú ẹ̀ dé ìwọ̀n, tí àkókò yẹn bá kọjá tí omi ò tíì tó, á pa iṣẹ́ tì, á sì pariwo. Lára LG, `IE` ló máa kọ, Samsung á kọ `4C`, àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀ nínú wọn á kọ `4E`, Midea tó ń gba aṣọ níwájú sábà máa ń kọ `E10`. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, pé omi ò wọlé tó bó ṣe yẹ. Ẹ ṣáà yẹ ìwé tó bá maṣín yín wá wò, torí kóńpìnì kan ò kọ ọ́ bíi ti èkejì, èyí gan-an tún ń bí mi nínú, kí ló ní kí wọ́n má kàn kọ "omi ò sí"?

Èmi àti bàbá àwọn ọmọ la fa maṣín síta fúnra wa. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára iná o, kí ẹ ti táàpù, kí ẹ wá fọwọ́ yọ hóòsì tó ń gbé omi wọlé lẹ́yìn maṣín, ẹ gbé nǹkan sábẹ́ ẹ̀ torí omi á dà. Ẹ yọjú wo ihò tí hóòsì náà ti kúrò, asẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀, ẹ fi púláyà fà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kó má ya. Ha! Iyanrìn bóòhólù àti ìpẹtà páìpù ló kún tèmi dí, ojú ihò asẹ́ yẹn ò hàn mọ́. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi, mo dá a padà. Iṣẹ́ tí ẹni tó ń pe owó àgbò ò ṣe nìyẹn.

Ẹnì kan ládùúgbò tún wá ní ká kúkú jù asẹ́ náà nù kí omi lè máa sáré wọlé. Ẹ má gbà á o! Tí asẹ́ ò bá sí, inú fáàfù ni iyanrìn ń lọ, fáàfù ò sì ní lè pa dé dáadáa mọ́, omi á máa wọlé kódà nígbà tí ẹ ti pa maṣín. Tó bá dé bẹ́ẹ̀, LG á wá máa kọ `FE`, pé omi ti pọ̀ jù, ìgbà yẹn lẹ máa ra fáàfù lóòótọ́.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù sí lọ́kàn, ẹ ṣe èyí wò: nígbà tó bá ń dúró de omi, ẹ fi ife rọra máa da omi sí ibi tẹ́ ẹ máa ń da ọṣẹ sí, tó bá jẹ́ maṣín tó ń gba aṣọ lókè, inú ibi aṣọ ni kẹ́ ẹ dà á sí. Tí omi bá ti tó ìwọ̀n tó wá bẹ̀rẹ̀ sí yí aṣọ, a jẹ́ pé orí ẹ̀ pé, ọ̀nà omi lẹ̀ṣẹ̀ wà. Tó bá sì jẹ́ pé asẹ́ mọ́, omi ń tú dáadáa láti inú hóòsì, àmọ́ tí fáàfù ò kùn rárá tí ẹ̀kán omi kan ò wọlé, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ pe oníṣẹ́, torí ó lè jẹ́ fáàfù ló kú, ó sì lè jẹ́ wáyà tàbí bọ́ọ̀dù yẹn lóòótọ́, kó fi mítà wọ̀n ọ́n kó tó dárúkọ owó.

Ohun tó wá dùn mí jù nìyí. A fọ asẹ́ tán, ó ṣiṣẹ́, àmọ́ tí tánkì bá ti ń lọ sílẹ̀, kóòdù á tún yọjú, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ wa ò níṣòro kankan. Ọ̀pọ̀ maṣín ló ń fẹ́ kí agbára tí omi fi ń tì, tí wọ́n máa ń fi kPa wọ̀n, tó 50 kPa ó kéré tán, ìwé àwọn kan tiẹ̀ ní 100. Gbogbo mítà 1 tí omi tánkì bá fi ga ju maṣín lọ, bíi 10 kPa ló ń fún wa. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì làwa wà, nǹkan bíi mítà 2 ni ìsàlẹ̀ tánkì fi ga ju maṣín wa lọ, ìyẹn 20 kPa péré, tí tánkì bá kún fọ́fọ́ ó lè lé díẹ̀, àmọ́ kò lè dé 50. Ti àwọn ará ìsàlẹ̀ tó bíi mítà 5, ìyẹn bíi 50 kPa, tiwọn dé ìwọ̀n. Kò sí oníṣẹ́ kankan tó wòkè wo tánkì!

Ẹ tún wo hóòsì tó ń da omi ìdọ̀tí nù. Tí wọ́n bá jẹ́ kó nà sílẹ̀ bẹẹrẹ lọ sínú gọ́tà, bí omi ṣe ń wọlé ló ń sá jáde, maṣín á sì tún kọ kóòdù omi kan náà. Ẹ gbé ẹnu ẹ̀ sókè tó bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin mítà, kí ẹ so ó dáadáa.

Màmá mi ní Ṣágámù ní tiwọn ń lo maṣín oníkòtò méjì, bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń da omi sí i, kì í kọ nǹkan kan sójú, wọ́n sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Àwa ń bá lándílọ́ọ̀dù fà á báyìí pé kó gbé tánkì sókè, ó ní àwa la mọ ẹni tó ní ká ra maṣín, òun ò rí maṣín nínú àgírímẹ́ǹtì. Pọ́ǹpù kékeré tó ń ti omi la máa rà, àmọ́ owó iná ẹ̀ ńkọ́, nígbà tí iná gan-an ò sí?