Ẹ má dúró de oyún kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ fólíkì ásíìdì

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé oògùn ẹ̀jẹ̀ lásán ni fólíkì ásíìdì, pé ọjọ́ tí aboyún bá kọ́kọ́ lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ara nílò rẹ̀ láti ṣe ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kí obìnrin ti máa lò ó kó tó lóyún. Iṣẹ́ mìíràn wà tó ń ṣe, ọ̀pọ̀ obìnrin kì í sì tíì mọ̀ pé àwọn lóyún tí àkókò iṣẹ́ náà á ti kọjá.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí àtọ̀ bá pàdé ẹyin, ohun tó máa di ọpọlọ ọmọ àti okùn ọpọlọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn ṣì tẹ́ pẹlẹbẹ ni. Etí rẹ̀ méjèèjì á dìde, wọ́n á máa ká bọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń ká ẹní, títí wọ́n á fi pàdé tí wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ra. Apá ọrùn ni ìpàdé náà ti ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò máa lọ sókè síbi orí, tí yóò sì máa lọ sísàlẹ̀ síbi ìbàdí. Òkè máa ń dí ní nǹkan bí ọjọ́ 25, ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 28. Sẹ́ẹ̀lì ń pín kíákíá lásìkò yìí, fólíkì sì wà lára ohun tí wọn ò lè pín láìsí i.

Bí òkè ò bá dí, ọpọlọ àti agbárí ọmọ ò ní lè dàgbà, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sì yè. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni kò dí, eegun ẹ̀yìn á ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, okùn ọpọlọ sì lè yọ síta. Èyí ni wọ́n ń pè ní sípáínà bífídà. Ẹsẹ̀ ọmọ náà lè rọ, ó lè má lè mú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ dúró, omi sì lè kó jọ sínú orí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fọjọ́ sí i. Obìnrin kan rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta. Oyún dúró ní nǹkan bí ọjọ́ 15. Ọjọ́ 29 ló yẹ kí nǹkan oṣù dé, kò dé. Ó dúró díẹ̀, bóyá ó kàn pẹ́ ni. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, ohun tó máa dí ti dí. Bó bá di ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún kó tó dé ilé ìwòsàn, oyún ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n máa kọ fún un, torí láti ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù kẹ́yìn ni wọ́n ti ń kà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló fi pẹ́.

Kódà kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan oṣù kọ̀ tí kò dé, fólíkì kì í kún ara lọ́jọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni 400 maikirogíráàmù lójúmọ́ máa ń gbà kó tó pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ó kéré tán, kó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú. Oṣù mẹ́ta ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Kó sì máa lò ó lọ títí oyún á fi pé ọ̀sẹ̀ 12. Torí pé ọ̀pọ̀ oyún ló ń dé láìròtẹ́lẹ̀, ẹni tó bá lè lóyún nígbàkigbà gan-an ló yẹ kó máa lò ó.

Lọ́dún 1991, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n darí láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde, lórí àwọn obìnrin tí oyún wọn ti ní àbùkù àìdí yìí rí. Fólíkì ásíìdì mílígíráàmù 4 lójúmọ́ dín ewu pé kó tún ṣẹlẹ̀ kù ní ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dènà. Àwọn kan lò ó bó ṣe yẹ, àbùkù náà ṣì wáyé. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó yẹ kó wo ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kó ní òun ló fà á.

Àwọn kan wà tí 400 maikirogíráàmù ò tó fún: ẹni tó ti ní irú oyún bẹ́ẹ̀ rí, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, àti ẹni tó ń lo oògùn wárápá, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní valproate. Mílígíráàmù 4 tàbí 5 ni dókítà sábà máa ń kọ fún wọn. Kí wọ́n má fúnra wọn kó ọ̀pọ̀ oògùn fítámì alápòpọ̀ mì láti fi dé iye yẹn, torí fítámì A inú rẹ̀ lè pọ̀ débi tó máa ṣe ọmọ inú níjàǹbá. Kẹ́ni tó ní wárápá má sì dá oògùn rẹ̀ dúró láìrí dókítà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lóyún láìlò ó, ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Bí ọjọ́ 28 ò bá tíì pé lẹ́yìn tí àtọ̀ pàdé ẹyin, ó ṣì lè wúlò fún iṣẹ́ yìí. Bó bá ti kọjá, kò lè dí ohun tí kò dí mọ́, àmọ́ ọmọ tó pọ̀ jù lọ ni tiwọn ń dí dáadáa. Àwòrán inú tí wọ́n ń yà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 21 ni wọ́n fi ń yẹ ẹ̀yìn àti orí ọmọ wò. Ẹ sọ fún ẹni tó ń yà á pé ẹ ò lo fólíkì ṣáájú.