Owó fọ́tò yẹn kì í gba ọmọ ọ̀bọ là

"Ẹ sanwó kẹ́ ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú ọmọ ọ̀bọ, owó yẹn ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀, ìyá ẹ̀ ti kú."

Ẹ̀gbọ́n, rárá o. Kí ló pa ìyá ẹ̀ ná? Ọmọ ọ̀bọ máa ń dì mọ́ ikùn ìyá ẹ̀ ni, ọdẹ sábà máa ń pa ìyá kó tó rọ́mọ mú, tí eléyìí bá sì dàgbà tó ń géèyàn jẹ, owó fọ́tò yín ló máa ní kí wọ́n lọ mú òmíì wá. Ẹ wo ìbàdí ẹ̀ bóyá okùn ò ti bó o.

Tó bá jẹ́ fàájì, ẹ lọ sí Odò Dúdú l'Ájàrá, kò jìnnà s'Ájàṣẹ́ ní Benin, ẹ bá ọlọ́kọ̀ ojú omi ibẹ̀ dúnàádúrà kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, kẹ́ ẹ sì fowó lé e lọ́wọ́ fúnra yín.