Àtúnṣe: Dáwódù àti iye ilé bàbá wa

Àwọn kan máa ń sọ pé: "Bí bàbá bá kú, dáwódù ló láṣẹ láti ta ilé. Iye tí ajẹ́ńtì bá pè ni kí ẹ pín."

Alábòójútó ni dáwódù, kì í ṣe òun nìkan ló ni ilé. Níbi tí kò bá sí ìwé ìhágún, tí ogún sì bọ́ sábẹ́ àṣà Yorùbá, gbogbo ọmọ ló jọ ni ín, lóbìnrin, lọ́kùnrin. Bí dáwódù bá tà á láìgba ìfọwọ́sí àwọn aṣojú ẹbí, ilé ẹjọ́ lè wọ́gi lé e, bí wọ́n bá tètè pẹjọ́.

Ti ajẹ́ńtì wá ńkọ́? Ìgbà tí ilé bá tà ló ń gbowó, nítorí náà iye tó máa tètè tà ló sábà ń pè. Adíyelé tó forúkọ sílẹ̀ ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ilé ì báà tà, ì báà má tà. Ẹ yẹ orúkọ rẹ̀ wò lọ́dọ̀ ESVARBON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn adíyelé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kí ẹ sì rí i pé ìwé rẹ̀ sọ bóyá iye ọjà gbangba ni tàbí iye títà kánjúkánjú.

Ká ní ọmọ mẹ́rin ló jogún ilé kan n'Íbàdàn, tí ọ̀kan fẹ́ máa gbé inú rẹ̀. Ajẹ́ńtì pe 40 mílíọ̀nù náírà, adíyelé kọ 56 mílíọ̀nù. Ẹni tó fẹ́ ilé yóò san 14 mílíọ̀nù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yòókù, kì í ṣe 10. Bí kò bá lágbára rẹ̀, kí wọ́n fi ilé háyà, kí wọ́n yọ owó àtúnṣe kúrò kí wọ́n tó pín èyí tó kù.